Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Kọ Sára Ìwé

Kí ogun tó dé Bouaké ni mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú, tí ìjọba sì kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Abidjan, ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn. Àwa díẹ̀ tó ṣẹ́kù sọ fún ara wa pé ọmọ kì í dúró de ìgbà tí àgbà bá parí ìjà kó tó dàgbà. A ṣí kíláàsì ní àdúgbò Belleville láìgba owó oṣù. Àwọn ọmọ wá, àwọn kan gbé àpótí ìjókòó láti ilé wọn, àwọn kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

Ibi tí mo ti di oníbàárà àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà bá ènìyàn tẹ ìwé nìyẹn, torí n kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìdánwò láti ojú pátákó tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò lè rí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ní ọ̀kan nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní Ahougnansou. Bouaké ni wọ́n bí i sí, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wa rí, Yorùbá rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ lórí Faransé. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó kú ní ìlú náà tí wọn kì í gbé wá bá a. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí irú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní àdúgbò Kennedy tàbí níbikíbi, òun ni wọ́n ń pè kó wá to ẹ̀rọ, kó fi ètò ìkọ̀wé sínú rẹ̀. Bí ètò náà bá ń wọlé, á béèrè orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Orúkọ ara rẹ̀ ni ọmọ wa máa ń tẹ̀ síbẹ̀.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò tẹ orúkọ oníṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, èmi ni ẹ̀rọ bi léèrè, èmi ni mo dá a lóhùn. Ó yẹ kí ènìyàn máa dáhùn tí wọ́n bá kí i."

A rẹ́rìn-ín. N kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé orúkọ yẹn kì í dúró sínú ẹ̀rọ. Gbogbo ìwé tuntun tí wọ́n bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà náà ló ń gbé e lọ, ní ibi kan tí ojú kì í tètè rí, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé.

Ohun kejì tún wà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà máa ń ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láti orí òfìfo. Bí oníbàárà bá wá tẹ ìwé ìbéèrè iṣẹ́, wọn á ṣí ìwé ìbéèrè iṣẹ́ ti ẹlòmíràn, wọn á pa ikùn rẹ̀ rẹ́, wọn á fi orí àti ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọn á sì kọ ikùn tuntun sí i. Ó yá wọn lọ́wọ́, ìwé náà sì ń dára lójú. Ṣùgbọ́n orúkọ òǹkọ̀wé ti àkọ́kọ́ kì í kúrò lára ìwé tí wọ́n bá fi irú ọgbọ́n yẹn bí. Ìwé lè bí ìwé títí dé ìran kẹ́rin, baba kan náà ni gbogbo wọn á máa jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a jí bá ìwé ìléwọ́ lára ògiri káàkiri ìlú. Ojú ewé méjì ni. Ó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn ológun tó ń dá ọkọ̀ dúró ní bárájì ojú ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn obìnrin tó ń kó iṣu wọlé, ó sì pe ọ̀gá kan ní olè. Kò sí ẹni tó dúró kà á tán níta. Ojú ni wọ́n fi ń gbá a, wọn á sì kọjá, bí ẹni tó rí òkú ẹran lójú ọ̀nà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀. Ọjà dákẹ́. Ní Bouaké ìgbà yẹn, ìdákẹ́jẹ́ ọjà ló ń já wa láyà ju ìró ìbọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò lu ẹnikẹ́ni, wọn kò sì fọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa ló ṣáájú wọn, ó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń wá fáìlì. Ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ wa, ó rí ìwé ìléwọ́ náà. Ó ṣí ojú ewé kékeré tó ń sọ nípa fáìlì: ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kẹ́yìn, àti ìṣẹ́jú mélòó tí fáìlì fi wà ní ṣíṣí. Orúkọ ọmọ wa wà níwájú òǹkọ̀wé. Wọ́n mú un lọ pẹ̀lú sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi wá bá mi. Kò sunkún. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, àwọn ọmọ sì ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ̀rọ ló dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ rẹ̀ náà ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í parọ́."

Mo fún àwọn ọmọ ní ìṣirò tí yóò gbà wọ́n ní àkókò, mo gbé àpò mi, a sì lọ.

Ibi tí wọ́n ń lò fún ọ́fíìsì jẹ́ ilé ìjọba tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí àbúrò mi dúró sí ìdí igi níta. Wọ́n jẹ́ kí èmi wọlé nítorí pé ọ̀gá tó mọ kọ̀ǹpútà yẹn rántí mi. Ó ti jókòó ní kíláàsì mi rí, ní ìjókòó iwájú, torí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Ó ti ní awò ojú báyìí. Ó dìde fún mi, ó gbé àga fún mi. Ọ̀wọ̀ náà kò tù mí nínú. Mo ti rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà dáadáa kí wọ́n tó sọ ohun tí kò ní rọ àgbà lọ́rùn.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín bẹ̀ mí," ó wí. "Kì í ṣe èmi ló fẹ̀sùn kàn án. Ẹ wò ó."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ẹ̀dà fáìlì náà ni. Orúkọ ọmọ wa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: òun ni òǹkọ̀wé, òun náà ni ó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo wọ awò mi, mo ka gbogbo ohun tó wà lójú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀dá fáìlì. Ó sọ pé ọjọ́ kìíní ọdún ni, ọdún kan tó ṣáájú ogun.

"Ọmọ mi," mo ní, "ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ nípa bárájì yín. Ṣé ẹ ti ní bárájì ní ọdún yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá, Màdáámù. Bátìrì kékeré tó ń gbé aago ẹ̀rọ náà ló ti kú. Tí iná bá lọ, aago á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ìlú yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"O ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ náà ṣi ọjọ́ mú, o sì dárí jì í torí o mọ ìdí rẹ̀. Ó kọ orúkọ sí i, o gbà á gbọ́. Ǹjẹ́ o ti wádìí ìdí tó fi kọ orúkọ?"

Mo mú kílẹ́ mi jáde látinú àpò, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Àwọn ìdánwò mi ló wà lórí rẹ̀. Mo ní kó ṣí ìdánwò ìtàn ilẹ̀ tí mo tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kennedy, níbi tí ọmọ wa kì í jókòó. Ó ṣí i. Orúkọ ọmọ wa ló wà níwájú òǹkọ̀wé.

"Ṣé òun ló ń kọ ìdánwò fún mi ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, torí ìbéèrè kejì yẹn kò dára tó."

Ó tún rẹ́rìn-ín, bí ọmọ kíláàsì. Mo ṣàlàyé bí ọmọ náà ṣe ń to ẹ̀rọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ bí wọ́n ṣe ń pa ikùn ìwé àtijọ́ rẹ́. Ó ń mi orí. Ó gbọ́, ó gbọ́ dáadáa, torí iṣẹ́ tí ó mọ̀ ni. Láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó wá ṣí fáìlì kan tí kì í ṣe tèmi. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó: ìwé ìrìnnà ni, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó bá fẹ́ kọjá bárájì. Àwọn fúnra wọn ló ni ín. Ó ṣí ojú ewé kékeré náà. Orúkọ ọ́fíìsì wọn ló wà níwájú ẹni tó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn. Níwájú òǹkọ̀wé, orúkọ ọmọ wa.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó pa ojú ewé náà dé kíákíá, ó sì wo ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló kọ́kọ́ ṣe ìwé yìí fún yín?" mo bi í, ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Mi ò mọ̀, Màdáámù. Mo bá a níbí ni." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má sọ fún kọ̀mándàǹ wa pé ẹ rí i. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí ní tòótọ́. Mo rò pé mo ti mú ẹ̀rí tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀ wá. Mo wá rí i pé ohun kan náà, bí ẹni tí kò gbọ́ kọ̀ǹpútà bá rí i, á jọ pé ọ̀tá ti wọ inú ilé wọn, ó ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ kọ ìwé ìrìnnà wọn.

Ó padà sórí ìwé ìléwọ́ náà, bí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ bo ojú. "Ohun mìíràn wà, Màdáámù. Ẹ wo ìṣẹ́jú tí fáìlì yìí fi wà ní ṣíṣí. Mẹ́rin péré. Ojú ewé méjì. Kò sí ẹni tó lè tẹ ojú ewé méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ tún wò ó, ìrísí lẹ́tà yí padà láàrin ojú ewé àkọ́kọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n kàn wá dà á kọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí. Ẹnì kan ló gbé e wá lórí kílẹ́." Ó wo kílẹ́ mi tó wà lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ó yé mi: èmi náà ń gbé kílẹ́ wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," mo ní. "Ṣé ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn?"

"Rárá. Kò kọ ọ́. Ìrísí lẹ́tà ni mo fi mọ̀."

"Ìrísí lẹ́tà, èmi náà lè yí i padà pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú ńkọ́? Tí mo bá ṣí fáìlì sílẹ̀ tí mo lọ jẹun, ṣé kò ní kà á mọ́ iṣẹ́?"

"Á kà á."

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí mo wá fi orúkọ fáìlì mìíràn tọ́jú rẹ̀?"

"Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òdo."

"O rí i bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bá gba àròkọ tó mọ́ jù lọ́wọ́ ọmọ, mo máa ń fura pé ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò na ọmọ kan nítorí ìfura rí. Àmì ni. Ó ń sọ ibi tí ó yẹ ká wò. Kò sọ ohun tí a máa bá níbẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Kọ̀mándàǹ ni. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò gbé ohùn sókè rárá. Ó kí mi ní èdè Júlà, ó béèrè ìdílé, ó béèrè ìlera, gbogbo rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọ̀gá náà.

"Ṣé orúkọ rẹ̀ ni àbí orúkọ rẹ̀ kọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ ni, ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó to ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti ẹni tó kọ ìwé. Ó wà lára ìwé púpọ̀ ní ìlú."

"Púpọ̀ bí i ti mélòó?"

"Ó wà lára ìdánwò Màdáámù."

"Lára ìdánwò." Kọ̀mándàǹ jókòó sétí tábìlì. "Lára tiwa ńkọ́?"

Ọ̀gá náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. N kò fẹ́ kó parọ́ nítorí mi, n kò sì fẹ́ kó sọ òótọ́. Ó ṣí ìwé ìrìnnà náà, ó sì fi hàn án. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yẹ, láìfo nǹkan kan: òǹkọ̀wé nìyí, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn nìyí, ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ nìyí. N kò ní í gbàgbé rẹ̀ láé. Kò sí ìdánwò tó ṣe lọ́dọ̀ mi tó le tó ìyẹn.

Kọ̀mándàǹ wo ẹ̀rọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín.

"Nítorí náà Anago kékeré yìí ló kọ gbogbo Bouaké. Ó kọ ìdánwò, ó kọ ìwé ìrìnnà, ó kọ ìwé tó bú wa. Ó yẹ ká fún un ní oyè." Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní ìlú náà. "Ẹ tú u sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má tíì dúpẹ́, Màmá. Ẹ sọ pé àmì ń sọ ibi tó yẹ ká wò. Mo gbọ́ yín látẹnu ọ̀nà. Ọmọ yín mọ gbogbo ẹ̀rọ ìlú. Láràárọ̀, kó wá síbí. A máa gbé fáìlì láti àwọn ṣọ́ọ̀bù wá, yóò sì máa kà wọ́n fún wa. Yóò sọ èyí tí wọ́n lẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀, àti ẹni tó gbé e wá. Òun ló mọ̀ ọ́n jù."

"Ọ̀gá," mo ní, "ohun tí kò tó láti fi mú un kò ní í tó láti fi mú ẹlòmíràn."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára nínú ìwàásù. "Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, Màmá." Ó fa kílẹ́ mi yọ kúrò lára ẹ̀rọ, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó sì jáde.

Wọ́n mú ọmọ náà wá. Kò sí àpá lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rìn yí i ká ní ìdí igi náà, ó ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, orí rẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ewúrẹ́ wò kó tó rà á. Mo sọ ohun tí kọ̀mándàǹ wí. Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé iṣẹ́ ni wọ́n fún un ni?" Èmi àti ọmọ náà wo ara wa.

Ó lọ ní ọjọ́ kejì, ó sì tún lọ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé fáìlì wá bá a: ìwé ìbéèrè iṣẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àdúrà ìsìnkú. Níwájú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, orúkọ òun náà ló ń rí. Ó ń sọ fún wọn pé a kò lè mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́ náà, ó wá bá mi ní Belleville lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ.

"Màmá, ó ti ń sú wọn. Ọ̀gá yẹn, tí ẹ kọ́ ní ìwé, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń bẹ̀rù. Kọ̀mándàǹ ní tí mo bá tún sọ 'a kò lè mọ̀' lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á gbà pé mo mọ̀. Lónìí, wọ́n gbé ìwé kan wá, ìṣẹ́jú kan ló ní. Oníṣọ́ọ̀bù Kennedy ló ni ín. Ó ní ọmọ mẹ́ta. Ìwé ìdúpẹ́ ìsọmọlórúkọ ni, ó kàn lẹ orúkọ tuntun mọ́ ti àtijọ́. Ẹ rí i, wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ìfura wà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la."

A kò jíròrò púpọ̀: ó ní láti kúrò ní ìlú. Ọ̀nà Abidjan kò ṣeé gbà fún un. Ọkọ̀ ẹrù kan ń lọ sí Burkina ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ àwọn tó wà ní bárájì ní orúkọ-ní-orúkọ. Ìwé ìrìnnà tí ọmọ náà mú dání jẹ́ òótọ́, ọ̀gá tó ní awò ojú ló fọwọ́ sí i fún un láìsọ̀rọ̀, láìwo ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà. Mo béèrè, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Ìyá rẹ̀ ń di gààrí àti ẹja gbígbẹ fún un nígbà tí ọmọ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Màmá, láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò bi mí bóyá èmi ni mo kọ ọ́."

"N kò bi ọ́."

"Ẹ ti rò pé èmi kọ́ ni?"

Mo ro ó kí n tó dáhùn, torí pé ó yẹ fún ìdáhùn tòótọ́. Ohun tí mo sọ ní ọ́fíìsì yẹn jẹ́ òótọ́: orúkọ náà kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ tan ara mi jẹ. Ohun tí kò lè dá ènìyàn lẹ́bi kò lè dá a láre. Orí ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n ti bá ìwé náà. Ó lè jẹ́ oníbàárà, ó lè jẹ́ òun.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," mo ní. "Má sì sọ fún mi. Wọ́n á wá bi mí léèrè lọ́la."

Ó mi orí. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó sáàrin àwọn àpò, ìyá rẹ̀ sì na ẹrù rẹ̀ sí i. Àwọn ológun wá lóòótọ́ ní ọjọ́ kejì, kí n tó kọ ọjọ́ sí ojú pátákó ní kíláàsì. Àwọn ọmọ dìde kí wọn, bí mo ṣe kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo sì jáde lọ dá àwọn àlejò náà lóhùn.